Kì Í Ṣe Gbogbo Ìgbẹ́ Gbuuru Ni Ti Fílájìlì

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò Jáǹbù láàárọ̀ á rí àwọn ọmọ tó tò síwájú ilé ìgbẹ́. Inú ń run wọ́n, èébì ń gbé wọn, ìgbẹ́ sì ń ya gbuuru. Kí òbí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó ti dá ẹjọ́: ẹ̀wà àná ló fà á, tàbí ṣúgà inú gààrí tó di jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí táífọ́ọ̀dù. Wọ́n á sáré lọ ra Fílájìlì lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, tàbí kí wọ́n bu àgbo fún ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé ohunkóhun tó bá ń da inú láàmú, ẹnu ló gbà wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ohun tí àwọn àbúrò rẹ̀ jẹ lálẹ́ àná lòun náà jẹ, kò sì sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Ó sùn, inú ò jí i lóru. Ìgbà tó rántí ìdánwò ní ìdájí ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í fún un pọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti lọ sílé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó kẹ́yìn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lásán. Ó jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ní ebi ń pa òun. Amẹ́bà wo ló mọ àkókò ìdánwò?

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti fojú ara wọn rí i pé ohun tó ń da ọkàn láàmú lè da inú náà láàmú. Ní 1822, ìbọn ba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis St. Martin ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà. Ọgbẹ́ náà jinná, àmọ́ ihò tó wọ ikùn rẹ̀ kò dí. Dókítà William Beaumont ń gba ojú ihò náà wo bí oúnjẹ ṣe ń dà, ó sì rí i pé tínú bá ń bí ọkùnrin yìí, iṣẹ́ ikùn rẹ̀ máa ń yí padà. Nígbà tó fi máa di 1898, Walter Cannon ti Yunifásítì Harvard ti fi ẹ̀rọ ẹ́sírè wo ikùn ológbò tó ń jẹun. Bí ara ológbò náà ò bá ti lélẹ̀ mọ́, ikùn rẹ̀ á dúró gbagidi. Bí wọ́n bá tù ú nínú, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìfun ní sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára tirẹ̀, tó lé ní 100 mílíọ̀nù. Iṣan kan tí wọ́n ń pè ní fágọ́ọ̀sì sì so ó pọ̀ mọ́ ọpọlọ. Tí àyà bá já, ọpọlọ á tú èròjà kan jáde tó ń ṣe iṣẹ́ méjì tó lòdì síra wọn. Ó ń dá ikùn dúró, kí oúnjẹ má tètè kúrò níbẹ̀. Èyí ló ń fa èébì. Ó sì ń lé ìfun ńlá léré. Ìfun ńlá ló yẹ kó fa omi inú ìgbẹ́ sára, ṣùgbọ́n kò ráyè, ni ìgbẹ́ bá jáde ní ṣíṣàn. Bó ṣe ń fún ara rẹ̀ pọ̀ ló ń fa inú rírun. Kò tán síbẹ̀ o: èyí tó pọ̀ jù nínú okùn fágọ́ọ̀sì, nǹkan bí 80 nínú 100, ìròyìn inú ló ń gbé lọ sókè. Inú á ké sí ọpọlọ, ìbẹ̀rù á pọ̀ sí i, inú á tún le sí i. Ẹni tó bá wá ní ọmọ náà ń díbọ́n kò mọ ohun tó ń sọ.

"Ṣùgbọ́n ó lo Fílájìlì, ó sì dá!" Bẹ́ẹ̀ ni, ìdánwò ti parí. Fílájìlì ń pa amẹ́bà, gíádíà àti àwọn bakitéríà kan. Kò rí nǹkan kan ṣe sí ìjayà. Òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ máa ń fa èébì. Àyẹ̀wò Wídàlì tí wọ́n fi ń ti táífọ́ọ̀dù lẹ́yìn náà kò ṣeé gbára lé pátápátá, torí ó lè fi táífọ́ọ̀dù hàn lára ẹni tí kò ní in.

Kò wá yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù bo àrùn mọ́lẹ̀. Ibà, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, inú tó ń jíni lóru, ara tó ń rù, tàbí ìgbẹ́ olómi tí kò dáwọ́ dúró tàbí tó mú ẹlòmíràn nínú ilé: ilé ìwòsàn ló kàn. Èyí tó bá sì ń padà wá fún oṣù mélòó kan, dókítà ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ọjọ́ ìdánwò, kí ọmọ yẹra fún kọfí àti ohun mímu alágbára láàárọ̀, torí wọ́n ń lé ìfun léré. Kó máa mí sínú díẹ̀, kó sì mí síta pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin oníkẹ́mísì, kí ẹ tó ká Fílájìlì fún ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló sì ń bọ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.