Ìṣẹ́jú 40 Lórí Pápá: Níbo Ni Ó Ń Gbà Lọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní sáà tó kọjá, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìlọrin, mo ń wo kíláàsì kan tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá síra ẹni. Akẹ́kọ̀ọ́ 60 ni wọ́n, bọ́ọ̀lù mẹ́rin ni wọ́n ní. Mo fi ojú sí ọmọbìnrin kan tó wà ní ipò kẹtàlá lórí ìlà rẹ̀. Láti ìgbà tí aago ti lù títí wọ́n fi padà sínú kíláàsì, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni ó ju bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń sáré káàkiri, ó ń pariwo, òógùn bò ó. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú 40 ti lọ, ọmọ náà kò sì tíì mọ bọ́ọ̀lù í jù.

Bí ẹ bá bi àwa olùkọ́ eré ìdárayá léèrè ohun tó fà á, ìdáhùn wa kò ju ọ̀kan lọ: bọ́ọ̀lù kò tó. N kò jiyàn pé bọ́ọ̀lù kò tó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tó di ẹ̀bi ru àìní ohun èlò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ibi tí àkókò wà. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, mo wo aago mi. Ìrìn láti kíláàsì dé pápá àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ gba ìṣẹ́jú 7. Orúkọ pípè gba 5. Àlàyé olùkọ́ gba 6. Pípín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́, pẹ̀lú àríyànjiyàn ta ni yóò bá ta ni ṣe, gba 5. Ìpadà sí kíláàsì tún gba 5. Ìṣẹ́jú 12 ló ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ wá sórí pápá. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n tò, ọmọ 15 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kan bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 8 láti ju bọ́ọ̀lù kí ó sì sáré mú un padà, ìṣẹ́jú méjì ni yóò tó tún kan ẹni kan náà. Ẹ pín 12 sí méjì, ẹ ó rí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ọmọbìnrin yẹn.

Kò sí èyí tó jẹ́ àìní bọ́ọ̀lù nínú ìṣẹ́jú 28 àkọ́kọ́ yẹn. Àárín iṣẹ́ kan sí èkejì ni àkókò ti ń jò, bí omi inú kèrègbè tó lu. Ohun mẹ́ta ló ń dí ihò náà: àmì fèrè tí gbogbo ọmọ mọ̀, ẹgbẹ́ tí a ti pín sílẹ̀ kí a tó dé pápá, àti ìlànà bí a ṣe ń kúrò níbi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fèrè. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fọn ọ́n bí ẹni tí ń lé ẹyẹ lóko. Wọ́n fọn ọ́n kí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọn ọ́n kí ó dúró, wọ́n fọn ọ́n nígbà tí inú ń bí wọn, wọ́n tún fọn ọ́n kí àwọn ọmọ dákẹ́. Ìró kan náà ní ìtumọ̀ mẹ́rin, nítorí náà kò ní ìtumọ̀ kankan. Bí onídùndún bá ń lu ohùn kan ṣoṣo, ta ni yóò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí?

Àmì mẹ́ta tó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣókí: dúró níbi tí o wà, gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wo olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ṣókí: lọ sí ibi iṣẹ́ tó kàn. Ẹ̀ẹ̀kan gígùn: ẹ wá péjọ sọ́dọ̀ mi. A kì í fi fèrè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ tí olùkọ́ nà sókè tí ó sì sọ kalẹ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí àmì ìdúró má baà dàrú mọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ tí a bá ń ju ọ̀kọ̀ tàbí irin, nítorí ọmọ tó bá ṣi àmì gbọ́ lè sáré bọ́ síwájú ohun tó lè ṣe é léṣe.

Ìṣẹ́jú 10 nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sáà ni kí olùkọ́ fi kọ́ wọn ní àmì yìí nìkan. Kí wọ́n máa rìn káàkiri, kí ó fọn ọ́n, kí wọ́n dúró; títí gbogbo wọn yóò fi lè dákẹ́ rọ́rọ́ kí a tó ka ení dé àrún. Òfin kan wà fún olùkọ́ náà: kò gbọdọ̀ fọn àmì kan lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ tó bá ti ń tún un fọn, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé àkọ́kọ́ kò ṣe pàtàkì. Bí wọn kò bá dúró, kí ó na ọwọ́ sókè, kí ó dákẹ́, kí ó dúró dè wọ́n. Ọwọ́ nínà yìí náà ni yóò gba ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa là.

Ibi tí olùkọ́ dúró sí náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa ní Ìlọrin. Ẹni tó bá dúró sí ìwọ̀-oòrùn pápá tó ń fọn fèrè, atẹ́gùn yóò dá ìró náà padà sí i. Kí ó dúró sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ náà ìhà ibẹ̀ ló ti ń yọ, yóò sì máa ta sójú àwọn ọmọ tó ń wò ó. Nítorí náà, nígbà tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé, kí ó pè wọ́n jọ sí tòsí, kí ó yí padà, kí òun fúnra rẹ̀ kọjú sí oòrùn. Fèrè náà ní ẹ̀dùn tirẹ̀. Èyí tó ní hóró nínú máa ń há bí itọ́ tàbí eruku bá kó sí i. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ṣe Ron Foxcroft, rẹfirí ará Kánádà, nínú ìdíje kan ní Bùràsíìlì, tí ó fi mú fèrè aláìníhóró tirẹ̀ jáde ní 1987. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀, kí ó máa fi omi ṣan ti ọwọ́ rẹ̀ kí ó sì gbọ̀n ọ́n gbẹ.

Ó kan ti ẹgbẹ́. Kí olùkọ́ jókòó nílé pín àwọn ọmọ 60 sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá, ọmọ mẹ́fà mẹ́fà, fún odidi sáà. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọ méjì dúró máa ṣa ẹgbẹ́ yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí àkókò tó ń gbà, ìtìjú ni fún ẹni tí a ṣà kẹ́yìn. Kí ó da àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀ mọ́ àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Níbi tí àwọn òbí bá fẹ́ kí ọmọbìnrin dá dúró, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ òbí ti fẹ́ nílùú wa, ẹgbẹ́ ọmọbìnrin lè wà lọ́tọ̀, ètò náà kò ní yingin. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí, tí a ń pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ó sì ní ojúkò tirẹ̀ lórí pápá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ tààrà láti kíláàsì. Olórí ni yóò sọ ẹni tí kò wá, nígbà tí àwọn yòókù ń na ara. Orúkọ pípè ti tán nìyẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká tún ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀lù mẹ́rin náà. Ibi iṣẹ́ márùn-ún ni a ó ṣètò yípo pápá, tí ọ̀kan kò ju ìṣísẹ̀ 15 sí èkejì, ẹgbẹ́ méjì méjì níbì kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn ni ti bọ́ọ̀lù jíjù, bọ́ọ̀lù kan fún ẹgbẹ́ kan. Ní ẹ̀kẹta, okùn ni wọn ń fò. Ní ẹ̀kẹrin, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù alákìísà sí àmì ara ògiri. Ní ẹ̀karùn-ún, wọ́n ń sáré gba àárín táyà àlòkù kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin níbì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà fèrè ẹ̀ẹ̀kan, kí ohun èlò wà nílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Fèrè ẹ̀ẹ̀mejì, kí gbogbo wọn ṣí lọ sí apá ọ̀tún. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó fún ìṣípòpadà yìí.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìrìn dé pápá, ìṣẹ́jú 3. Ara nínà, 4. Àlàyé, 3, tí ẹgbẹ́ kan yóò fi ṣe àpẹẹrẹ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Iṣẹ́ pẹ̀lú ìṣípòpadà, 22. Ìsinmi àti ìbéèrè, 4. Ìpadà, 4. Ogójì náà ló pé yẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ láàárín ọmọ mẹ́fà, tí jíjù kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 24. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí wọn yóò lò níbi bọ́ọ̀lù méjèèjì, ọmọbìnrin wa yóò jù ú nígbà 20 dípò mẹ́fà, yóò sì ti sáré, yóò ti fò, láàárín ìṣẹ́jú 12 tó kù. Bọ́ọ̀lù kan kò sì kún un.

N kò sọ pé kò ní í ní wàhálà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìṣípòpadà lè gba ìṣẹ́jú méjì, ẹgbẹ́ méjì yóò sì forí gbárí lọ́nà. Ẹgbẹ́ kan yóò fẹ́ parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí ó tó kúrò. Kí olùkọ́ má dúró dè wọ́n, nítorí ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án yòókù ni yóò san gbèsè rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń dára sí i, kí ó fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ náà ní aago, kí ó kọ iye ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ dúró lásán sílẹ̀. Ìwé pélébé yẹn sọ òtítọ́ ju ojú olùkọ́ lọ.

Àwọn kan ń wí pé bí a bá ń fi fèrè darí ọmọ, a ti sọ wọ́n di ṣọ́jà. Mo ka ìyẹn sí àìrójú wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Olùkọ́ tí kò ní àmì ló ń pariwo, òun náà ló sì ń mú pàṣán dání. Níbi tí àmì bá ti yé gbogbo wọn, ohùn olùkọ́ a lọlẹ̀, a sì ráyè lọ bá ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró re, kí ó tún un ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan. Nígbà tí àjọ NERDC tún ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ṣe ní 2012, wọ́n kó ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba àkókò pápá fún ìṣirò, tó sì ń bèèrè pé, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń ṣe níta? Bí ìdáhùn wa bá jẹ́ pé ọmọ 60 tò sórí ìlà, a ti fi ẹnu ara wa dá ẹjọ́ náà fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún márùn-ún sí 17 máa lo ara fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ogójì lọ́sẹ̀ ni àwa ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ bẹ olùkọ́-ńkọ́ṣẹ́ wò lórí pápá, ẹ má wo ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìkan. Ẹ mú aago dání, kí ẹ sì yan ọmọ kan tó wà lẹ́yìn ìlà. Ẹ ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kàn án.