Ta Ló Rán Ẹni Tó Ń Ta Adójútòfò fún Yín?

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn ní Ìfàkì. Kò sí ẹni tó fara pa, ṣùgbọ́n àtúnṣe ọkọ̀ onítọ̀hún gba ₦180,000. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ́kọ́ fòyà, nítorí ìwé adójútòfò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló tà á fún un níbi tó ti ń sọ ìwé ọkọ̀ rẹ̀ dọ̀tun. Nígbà tí a yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò lórí askniid.org, níbi tí àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó ní adójútòfò máa ń wà, a kò bá nǹkan kan. Owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dé ilé-iṣẹ́ kankan. Àpò ara rẹ̀ ló fi san gbèsè náà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹni tó bá ń ta adójútòfò fún wa nìyẹn: ta ló rán an? Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló rán aṣojú, tí a ń pè ní ẹ́jẹ́ǹtì. Àwa tí a fẹ́ ra ààbò la rán alágbàtà, tí àwọn kan ń pè ní búrókà. Bí a bá sì lọ rà á ní tààrà, a jẹ́ pé àwa la rán ara wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé rírà ní tààrà ló dínwó jù. Ní ti adójútòfò ọkọ̀ àdáni tí òfin sọ di dandan, èyí tó ń san òfò tí a bá kó bá ẹlòmíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, ti sọ owó rẹ̀ di ₦15,000. Ó lè san òfò dúkìá ẹlòmíràn dé ₦3,000,000. Iye kan náà ni ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, fún irú èyí, rírà ní tààrà ló dára jù, torí pé owó kò ní gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Òfin kò sì fi bò: bí owó kò bá tíì dé, ààbò kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Alágbàtà gan-an kò ní fẹ́ torí rẹ̀ rin ìrìn àjò láti Adó wá sí Ìkọ̀lé. Owó iṣẹ́ lórí adójútòfò ọkọ̀ jẹ́ ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ₦15,000, ₦1,875 péré ni.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí a bá fẹ́ ààbò tó kárí ọkọ̀ tiwa náà. Owó rẹ̀ kì í dín sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Ká ní ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ₦6,000,000, yóò san ₦300,000. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń gbé èrò láti Ìkọ̀lé gba Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, wọ́n sì ń sanwó. Aṣojú tó ń kánjú lè bá a kọ "ọkọ̀ àdáni" sínú fọ́ọ̀mù, kí òwò lè yá. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti sanwó, nítorí ọkọ̀ akérò kọ́ ni wọ́n gbà. Ọwọ́ aṣojú ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ sí i.

Níbẹ̀ ni alágbàtà ti wúlò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bi wá ní ohun tí a ń fi ọkọ̀ ṣe, kí ó wo ilé-iṣẹ́ bíi mẹ́ta, kí ó sì bá wa lépa owó nígbà òfò. Síbẹ̀, inú owó tí a san sí ilé-iṣẹ́ ni owó iṣẹ́ tirẹ̀ náà ti ń wá. Ẹ ní kí ó fi iye tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dá hàn yín ní kíkọ, kí ẹ sì wo orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ NAICOM.

Bí aṣojú tí ẹ mọ̀ bá sì ni yóò tà á fún yín, ẹ san owó sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ ka fọ́ọ̀mù tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì tó wa ọkọ̀ jáde, ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí askniid.org. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra òmíràn báyìí. Ní tààrà ló rà á, ojú wa méjèèjì la sì fi rí nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀.