Lẹ́tà Ìfiṣẹ́sílẹ̀: Ta Ló Kọ "Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" Sí I?

Ọdún mẹ́fà ni obìnrin kan ní àdúgbò mi fi ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá pé: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá parí. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí láti ìgbà tí ẹ ti fi àpò gbígbé kún iṣẹ́ mi. Ẹ má bínú."

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní àwọn kò gba Yorùbá. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣí lẹ́tà ẹlòmíràn tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì pààrọ̀ orúkọ. Gẹ̀ẹ́sì náà dán gbinrin. Ohun tó sọ ni pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ara òun, òun sì tọrọ àforíjì fún gbogbo àṣìṣe òun. Obìnrin náà buwọ́ lù ú.

Ẹ wo ohun tí "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" yẹn dá sílẹ̀. Abala 11 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún agbanisíṣẹ́ ní ìfitónilétí oṣù kan, kí ó sì wà ní kíkọ sílẹ̀. Obìnrin yìí fún wọn ju oṣù kan lọ nínú Yorùbá rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò fún wọn ní ọjọ́ kan péré, wọ́n sì yọ owó oṣù kan nínú ohun tó yẹ kí ó gbà.

Èyí tó tún burú ni ti ẹ̀yìn rẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ó bá béèrè lọ́la, lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ buwọ́ lù ni wọn yóò fà yọ pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ní kí òun lọ. "Ẹ má bínú" tó jẹ́ ọ̀wọ̀ lásán lẹ́nu Yorùbá ti di ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Èmi kò dá ọmọ atẹ̀wé náà lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ ògbufọ̀. Ọ́fíìsì náà ni mo ń bá wí. Abala 11 kò dárúkọ èdè kankan. Ojúṣe wọn ni láti gba lẹ́tà Yorùbá náà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀, tí yóò tún ka ìtumọ̀ náà padà fún un ní Yorùbá kí ó tó buwọ́ lù ú. Ká ní wọ́n kà á fún un ni, "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" kò ní kọjá létí rẹ̀.

Nígbà tí ó padà lọ ṣàlàyé, wọ́n ní Yorùbá kì í ṣe èdè ilé-iṣẹ́ àwọn. Yorùbá sì ni alábòójútó fi pàṣẹ fún un pé kí ó máa gbé àpò.