Bí Ẹrù Bá Bàjẹ́ Lọ́nà, Ta Ló Jẹ Gbèsè?

Ní Ṣàngó níbí, bí ata bá ti ọ̀nà jíjìn dé tó ti fọ́, risíìtì ni dírẹ́bà á kọ́kọ́ nà síni: wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewu ẹrù wà lọ́rùn ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ wa á gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì máa ṣa èyí tó kù. Èmi ò gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, sọ ní abala 130 pé ẹni tó bá gba ohun ìní yín láti fi ṣiṣẹ́ fún yín gbọ́dọ̀ dá a padà bó ṣe gbà á. Bó bá fẹ́ fi ìwé dín gbèsè rẹ̀ kù, ó gbọ́dọ̀ fi hàn yín kedere kí ẹ tó bá a dòwò pọ̀. Ìwé kankan ò sì lè bo àìbìkítà tó burú jáì mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbàjẹ́ ni ti ọlọ́kọ̀. Ká ní apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé 20 ti Kánò dé. Mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ ti tẹ̀ pẹrẹsẹ, omi ń jò lára wọn, àwọn tòkè sì dáa. Ìtòjọ ẹrù ló fa ìyẹn: wọ́n tò ó ga jù, tàbí wọ́n gbé ohun tó wúwo lé e. Méjì lókè pátápátá ń jẹrà láti àárín. Ó ṣeé ṣe kó ti pọ́n jù kí wọ́n tó kó o, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi dírẹ́bà. Tó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló gbóná tó sì ti bu, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró lọ́nà.

Bí ẹ bá ra apẹ̀rẹ̀ kan ní ₦40,000, tí ẹ sì rí ta mẹ́fà tó tẹ̀ yẹn ní ₦10,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦180,000 lẹ ó béèrè. Ẹ má béèrè owó apẹ̀rẹ̀ 20, wọn ò ní dá yín lóhùn.

Ẹ̀rí ló kù. Níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye rẹ̀, bó ṣe rí, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ẹni tó tò ó sínú wébìlì. Bó bá jẹ́ àwọn alábàárù yín ló tò ó, dírẹ́bà náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Tí ọkọ̀ bá dé, ẹ ya fọ́tò ẹrù kí wọ́n tó já a. Ẹ kọ ọ́ sí wébìlì pé mẹ́fà tẹ̀, kí dírẹ́bà náà sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i láìkọ nǹkan kan, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti jẹ́rìí pé ẹrù dé láyọ̀.

Ẹni tó gba owó ẹrù ti gba ẹrù sọ́rùn. Àwa náà ló yẹ ká gba wébìlì kí ọkọ̀ tó ṣí.