Olè wo ló ń jí àádọ́ta kọ́bọ̀?

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí ayélujára, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa lónìí. Tí alẹ́ẹ̀tì báńkì bá ti kéré sí iye tó wà nínú ìwé òdà yín, ohun méjì lẹ máa ń sọ. Bẹ́ ẹ bá bínú, ẹ á ní ọmọ tó ń bá yín tajà ló jalè. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ á ní "ṣáájì ni, ẹ jẹ́ kó lọ." Mo fẹ́ fi owó gidi hàn yín pé ọ̀rọ̀ méjèèjì lè kó yín sí gbèsè.

2/ Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ àdìrẹ n'Ìbàdàn. Oníbàárà á rí aṣọ lórí fóònù, á tẹ líǹkì, á fi káàdì sanwó. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń bá wọn gba owó náà kó tó dé báńkì. Mi ò ní dárúkọ wọn, ìwà ni mò ń bá wí. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní agbowó. Owó Fúráìdè, Sátidé àti Sọ́ńdè, gbogbo ẹ̀ máa ń wọlé pa pọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nínú alẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

3/ Mọ́ńdè ọjọ́ yẹn, ìwé òdà sọ pé ₦235,400. Alẹ́ẹ̀tì sọ pé ₦230,006.50. Ó dín ní ₦5,393.50.

Ẹ̀gbọ́n mi pe ọmọbìnrin tó ń dáhùn àwọn oníbàárà. "Àkáǹtì ta lo ní kí wọ́n sanwó sí?" Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní àkáǹtì mi." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ní kó di ẹrù ẹ̀.

4/ Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: ẹ̀gbọ́n mi, olè wo ló ń jí àádọ́ta kọ́bọ̀?

Ẹ wò ó dáadáa. Tí ọmọ ìsọ̀ bá darí oníbàárà sí àkáǹtì tara ẹ̀, odindi owó òdà kan ló máa sọnù. Kò sí òdà ₦5,393.50 nínú ìwé. Àti pé láàárín agbowó àti báńkì, ọwọ́ ọmọ ìsọ̀ ò dé ibẹ̀ rárá. Kò ní páswọ́ọ̀dù, kò ní bọ́tìnnì kankan tó lè tẹ̀. Ibi tí owó ti dín gan-an lẹ ti ń wá ẹni tí kò débẹ̀ rí.

5/ Ẹnì kejì tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, tóun náà ń tajà, rẹ́rìn-ín. "Ṣáájì ni jàre. Èmi kì í tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́." Gbogbo yín lẹ ń sọ báyìí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ṣáájì ọ̀hún.

6/ Bí agbowó yìí ṣe ń gé owó nìyí: ìdá 1.5 nínú 100, pẹ̀lú ₦100 lórí ẹ̀. Tí òdà ò bá tó ₦2,500, wọn kì í gba ₦100 yẹn. Bó ti wù kí òdà tóbi tó, ohun tí wọ́n máa gé ò ní kọjá ₦2,000. Torí náà, òdà mẹ́fà tó wà nínú ìwé rí báyìí:

₦18,000: wọ́n gé ₦370
₦2,400: wọ́n gé ₦36
₦45,000: wọ́n gé ₦775
₦150,000: wọ́n gé ₦2,000
₦12,500: wọ́n gé ₦287.50
₦7,500: wọ́n gé ₦212.50

Àpapọ̀ ohun tí wọ́n gé jẹ́ ₦3,681. Ẹ ti rí i pé ṣáájì lè ní àádọ́ta kọ́bọ̀ nínú.

7/ Ìdí tí ẹ ò fi lè fi ojú wò ó nìyẹn. Kì í ṣe iye kan náà ni wọ́n ń gé lórí gbogbo òdà. Lórí aṣọ ₦2,400, ìdá 1.5 péré ni. Lórí ₦7,500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 3, torí ₦100 yẹn wúwo lórí owó kékeré. Lórí ₦150,000, kò tó ìdá 1.5 mọ́. Ẹni tó bá gé 1.5 lórí àpapọ̀ owó ọ̀sẹ̀ ò lè rí ìdáhùn tó pé láéláé.

Tẹ́ ẹ bá ń lo ṣíìtì, tí iye òdà wà ní B2, ẹ kọ èyí:

```
=MIN(2000, B2*1.5% + IF(B2<2500, 0, 100))
```

Ẹ fi iye tí agbowó tiyín ń gé rọ́pò o, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gé bákan náà.

8/ Ó yẹ kí ₦231,719 wọlé, àmọ́ ₦230,006.50 ló wọlé. Ó ṣì ku ₦1,712.50.

Ibí ni ọ̀pọ̀ yín ti máa ń pa ìwé dé. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán náírà ò tó nǹkan, ṣáájì ni." Ẹ dúró ná. A ti ka gbogbo ṣáájì tán, kò sí ṣáájì kankan tó kù. Kí wá ni ₦1,712.50?

9/ Mo wọ ojú ìwé agbowó, mo wá ibi tí wọ́n pè ní Settlements, mo ṣí ti Mọ́ńdè yẹn, mo wa gbogbo ìlà ẹ̀ jáde sínú ṣíìtì. Ìlà mẹ́fà ni mò ń retí. Ìlà mẹ́jọ ni mo bá.

10/ Ìlà keje: Refund, ₦9,000. Oníbàárà kan ra aṣọ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kò bá a mu, wọ́n dá owó ẹ̀ padà. Ta ló tẹ bọ́tìnnì? Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ni, lórí fóònù, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì ti gbàgbé. Agbowó ò jáde lọ wá ₦9,000 níbòmíì, inú owó ọjà tuntun ló ti yọ ọ́.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ta aṣọ yẹn, ₦8,765 ló wọlé, torí wọ́n ti gé ₦235. Nígbà tí wọ́n dá a padà, odindi ₦9,000 ló jáde. Agbowó ò dá ₦235 tiẹ̀ padà. Aṣọ padà sí ìsọ̀, owó padà sọ́dọ̀ oníbàárà, agbowó nìkan ló jèrè.

11/ Ìlà kẹjọ ló dùn mí jù. ₦7,500, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìmeèlì kan náà, káàdì kan náà, ìṣẹ́jú méjì síra wọn, àmọ́ nọ́ńbà Reference yàtọ̀. Oníbàárà yẹn sanwó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró, ojú ìwé ń yí, ó rò pé kò lọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni líǹkì ń bí Reference tuntun, kò sì sí ohun tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ti àkọ́kọ́ ti wọlé. Aṣọ kan, owó méjì.

Ẹ rò ó pọ̀: ₦9,000 jáde, ₦7,287.50 wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦1,712.50 géérégé.

12/ Ṣé ẹ rí i? Ohun ńlá méjì fi ara wọn pa mọ́ sínú owó kékeré kan. Ká ní a kọ "ṣáájì" síbẹ̀, owó olówó ì bá wà lọ́wọ́ wa, ọmọ ẹlòmíràn ì bá sì ti pàdánù iṣẹ́ ẹ̀. Tí ₦7,500 yẹn bá jẹ́ tìrẹ ńkọ́? Ìwọ náà lo máa wá sórí ayélujára wá kọ pé gbájú-ẹ̀ ni ìsọ̀ yẹn.

13/ Ó wá kan ẹ̀yin agbowó. Ẹ ní gbogbo ìlà mẹ́jọ yẹn lọ́wọ́. Kí ló dé tó jẹ́ iye kan ṣoṣo lẹ ń fi ránṣẹ́ sí báńkì, láìsí àlàyé? Nígbà tá a kọ̀wé sí yín, ìdáhùn yín ni pé a máa ń gé owó iṣẹ́. A mọ̀! Ohun tá a bèèrè ni pé èló lórí èwo. Ẹ fi ìlà náà sínú ìmeèlì tẹ́ ẹ fi ń sọ pé owó ti lọ: iye òdà, ohun tẹ́ ẹ gé, ohun tẹ́ ẹ dá padà. Owó oníbàárà tó sanwó lẹ́ẹ̀mejì, a ti dá ₦7,500 ẹ̀ padà, ₦212.50 tẹ́ ẹ gé lórí àṣìṣe yẹn sì wà lọ́dọ̀ yín dòní. Iṣẹ́ wo lẹ ṣe fún un?

14/ Àmọ́ mi ò ní dúró de agbowó, ẹ̀yin náà ẹ má dúró. Nǹkan mẹ́ta là ń ṣe báyìí ní gbogbo Mọ́ńdè, kò sì gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Àkọ́kọ́, a ń kọ nọ́ńbà Reference sí ẹ̀gbẹ́ òdà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ oníbàárà ò tó, torí ẹni kan lè ra aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Èkejì, iye tí oníbàárà san la ń kọ sí owó ọjà, ohun tí agbowó gé la sì ń kọ sí ìnáwó, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó ọjà.

Ẹ̀kẹta, a ń fi ìwé méjèèjì wo ara wọn, lápá méjèèjì. Tí nọ́ńbà Reference wà ní A2, tí ìwé òdà wà ní ṣíìtì tó ń jẹ́ Oda:

```
=COUNTIF(Oda!A:A, A2)
```

15/ Tó bá jáde ní 0, agbowó mọ owó kan tí ìwé yín ò mọ̀. Owó tí wọ́n san lẹ́ẹ̀mejì ni, tàbí òdà tẹ́ ẹ gbàgbé láti kọ. Refund náà á hàn níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fún un ní ìlà tiẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà. Òdà tó wà nínú ìwé yín tí kò sí lọ́dọ̀ agbowó, ẹ kọ́kọ́ wo owó ọjọ́ kejì, torí ẹni tó san ní òru lè bọ́ sínú ti ọ̀la. Tí kò bá sí níbẹ̀ náà, tí aṣọ sì ti jáde, nígbà yẹn lẹ tó ní ìbéèrè fún ọmọ ìsọ̀. Ibẹ̀ ni olè ti máa ń hàn, pẹ̀lú odindi iye òdà. Kì í ṣe nínú ìyàtọ̀ alẹ́ẹ̀tì.

16/ Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. "Òdà mẹ́fà péré ni, ta ló ráyè?" Tó bá jẹ́ mẹ́fà péré, kí ló dé tẹ́ ẹ ráyè láti fẹ̀sùn kan ènìyàn, tẹ́ ẹ ò ráyè láti ka ìlà mẹ́jọ?

17/ Ẹ̀gbọ́n mi bẹ ọmọ náà níwájú àwọn tí wọ́n ti bú u níwájú wọn. Ó ní kò sí wàhálà mà. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, gbogbo òdà tó bá wọlé, á ya àwòrán ojú fóònù ẹ̀, á tọ́jú ẹ̀ sọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló ń fi ṣe. Ó ní, "Bọ̀dá, nítorí Mọ́ńdè ni."