Jápa: ṣé a dá a ni, ṣé a yá a ni, àbí ìtumọ̀ rẹ̀ ló yí?



Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa tó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà ni jápa. Àwọn ọ̀dọ́ ń lò ó fún kí èèyàn fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ máa gbé ní òkè òkun nítorí pé nǹkan le nílé. Ẹnì kan á ní ọ̀rọ̀ tuntun ni, pé àwọn ọmọ ìgboro Èkó ló jókòó dá a. Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ìròyìn tàn pé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Ọ́sífọ́ọ̀dù ti gbà á wọlé. Ẹnì kẹta á ní ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Tí ọmọ bá kọ jápa sínú àròkọ Yorùbá, ṣé kí olùkọ́ fi bíírò pupa fa igi lé e lórí? Tí a bá sì ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ibo la máa kọ ọ́ sí? Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó lè dáhùn àfi tó bá kọ́kọ́ béèrè pé: lẹ́nu ta ni, àti nígbà wo?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí ká tó tú u. Àwọn ọ̀dọ́ kì í fi àmì sí i lórí fóònù, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan rò pé "jà" ni, bíi kí èèyàn jà títí kó kú. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí wọn: ohùn òkè ni wọ́n fi ń pè é. Já ni. Já yìí la mọ̀ nílé: okùn já, ewúrẹ́ já okùn lọ, ẹlẹ́wọ̀n já ara rẹ̀ gbà. Pa tó tẹ̀lé e kì í ṣe pa tí a fi ń pa ẹran. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ṣe ló ń fi agbára kún já, pé onítọ̀hún ti já lọ ráúráú. Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá tó jẹ́ ojúlówó sábà máa ń jẹ́ sílébù kan, bíi wá, lọ, já, gbà. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà jẹ́ pé a so méjì pọ̀ ni tàbí pé a yá a. Jápa ṣeé tú sí méjì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń jáde láti inú ohun tí a tú.

Ẹ ṣọ́ra níbí o, nítorí pé títú nìkan kò tó. Ẹ wo wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ lè tú u sí wà, há àti là, kó sì fi ìtàn dídùn gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́ta yẹn kò para pọ̀ di ìyọnu. Ọwọ́ Haúsá ni wàhálà ti dé ọ̀dọ̀ wa, Haúsá náà sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Bákan náà, pé ọ̀rọ̀ kan ń gba ìlànà Yorùbá kò sọ pé Yorùbá ló bí i. A lè sọ jíjápa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Nàìjíríà ń sọ pípáàsì pẹ̀lú, páàsì sì ti inú Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọ̀rọ̀ àyálò tó ti pẹ́ nílé máa ń wọ aṣọ onílé.

Ohun kejì ni ìtumọ̀ àtijọ́. Ẹ má lọ bá àgbà kí ẹ bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ jápa?" Ó lè fi orí jẹ́ yín lóhùn kó má baà já yín kulẹ̀. Ẹ bi í pé: "Bàbá, tí ewúrẹ́ bá tú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ tó sì sá lọ, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́?" Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ kọ ìlú rẹ̀ àti iye ọjọ́ orí rẹ̀ sí i. Tó bá lo já, ẹ ti rí gbòǹgbò. Tí kò bá wá lo jápa rárá, ẹ ti mọ̀ pé gbòǹgbò jẹ́ tiwa níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀ka náà ti ibòmíràn wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn. Bí ọlọ́pàá bá yọ lókèèrè, wọ́n ṣì lè kígbe pé "Ẹ jápa!" Kò sẹ́ni tó ń lọ sí Kánádà níbẹ̀, sísá ni. Ìtumọ̀ ti sísá kúrò nínú ewu ṣì wà láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìrìn àjò òkè òkun, a sì rí ọ̀nà tí èkejì gbà ti ara àkọ́kọ́ yọ. Àmì pé ìtumọ̀ gbòòrò nìyẹn. Kódà òórùn ewu náà ṣì wà lára ti òkè òkun: ẹni tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kùtọnu kò jápa.

Ohun kẹta ni ọ̀nà tó gbà dé. Naira Marley gbé orin kan jáde ní ọdún 2018 tó pè ní Japa, orin náà sì gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri. Ṣùgbọ́n ọdún tí orin jáde kì í ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀rọ̀. Ohun tó fi hàn ni pé nígbà tó fi máa di ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ náà ti wà. Ẹni tó bá ní àwọn ọmọ Èkó dá a ní 2018 ti gba agogo mọ́ alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́, ó fún ẹni tó ń lù ú.

Ìdájọ́ mi rèé. Lẹ́nu ọmọ Èkó, a so ọ̀rọ̀ ilé méjì pọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì gbòòrò lẹ́yìn náà. Lẹ́nu ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àyálò ni, ọ̀dọ̀ Yorùbá ló sì ti yá a. Pé ó wà nínú ìwé wọn kò sọ ọ́ di tiwọn, bí ọmọ tó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kì í ṣe pàdánù baba rẹ̀. Lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó ń fi í sáàárín Faransé, àyálò ni níbẹ̀ náà. Lẹ́nu ọmọ Kétu tó ń sọ Yorùbá ńkọ́? Àyálò ni, ṣùgbọ́n láti ilé kan sí èkejì nínú agboolé kan náà: láti Yorùbá Èkó sí Yorùbá tiwa.

Nítorí náà, mi ò ní fa igi pupa lé e. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, mo dábàá kí a kọ ọ́ báyìí: jápa, láti inú já àti pa, sá kúrò nínú ewu, lóde òní, fi ìlú sílẹ̀ lọ sí òkè òkun, ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Èkó dé ọ̀dọ̀ wa. Tí a bá kọ "Gẹ̀ẹ́sì" sí i, a ti fi ohun wa tọrẹ. Tí a bá sì kọ "ọ̀rọ̀ àtayébáyé ní Kétu" láìbéèrè lọ́wọ́ àgbà Kétu, irọ́ la pa.

Ẹ̀yin tí àgbà wà nítòsí yín ní Ṣábẹ̀, ní Ìdáàṣà, ní Atakpamé, ẹ bá mi béèrè ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ìdáhùn wọn síbí, pẹ̀lú àmì ohùn o.