Oyún Tó Dé Bá Kọ́ìlì

Ẹ̀yin obìnrin tó fi kọ́ìlì sí ilé-ọmọ ni mo bá wí lẹ́ẹ̀yí.

Kò wọ́pọ̀ kí obìnrin lóyún nígbà tí kọ́ìlì ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú 1,000 obìnrin tó lo kọ́ìlì oníbàbà fún ọdún kan, bíi 6 sí 8 ni oyún ń dé bá. Bí kò ṣe wọ́pọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí èèyàn tètè fura.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń gbé Ọ̀yọ́, tó jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti fi kọ́ìlì sí. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti pẹ́ ní ọjọ́ 10. Ará ilé á ní kó mu àgbo tó ń fa nǹkan oṣù wálẹ̀. Rárá o! Kó fi ìtọ̀ ṣàyẹ̀wò ná. Bó bá jẹ́ oyún, kó má dúró de ọjọ́ tó máa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọsibítù tó ní ẹ̀rọ sikáànù nítòsí ni kó lọ, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ìdí ni pé kọ́ìlì ń dá oyún inú ilé-ọmọ dúró ju èyí tó bá fẹ́ dúró síta lọ. Nítorí náà, èyí tó bá yọ́ lè jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ ilé-ọmọ, nínú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Ìyẹn lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ikùn. Bí ikùn bá ń dùn ún lápá kan, tí èjìká ń ro ó, tí ojú ń ṣú u, ká gbé e lọ lóru náà. Ẹbọ lè tẹ̀ lé e.

Bí sikáànù bá fi hàn pé inú ilé-ọmọ ni oyún wà, nọ́ọ̀sì á wo okùn kọ́ìlì lẹ́nu ilé-ọmọ. Bó bá rí i, á rọra fà á yọ, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Yíyọ náà lè ba oyún jẹ́, àmọ́ fífi í sílẹ̀ burú jù: nǹkan bí ìdajì irú oyún bẹ́ẹ̀ ló ń bàjẹ́, àwọn mìíràn a sì bí láìpé oṣù.

Bí okùn bá ti wọlé, kí ẹnikẹ́ni má tọwọ́ bọ̀ ọ́ wá a. Ìyá á máa lọ fún àyẹ̀wò. Ibà tàbí omi tó ń rùn kì í ṣe ohun à ń sùn lé.

Ọmọ kò lè gbé e mì o, ẹ̀yìn àpò omi ọmọ ló máa ń wà. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, kí ẹ tó gba ibi lọ sin, ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí wá kọ́ìlì lára rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò ikùn ìyá, torí ó lè ti gba ara ilé-ọmọ jáde.